Ìgbà tí kakulétọ̀ kọ Math ERROR: bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń há sínú gíláàsì

Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó ku díẹ̀ kí n sọ kakulétọ̀ mi mọ́lẹ̀ nítorí ìṣirò físíìsì kan. Olùkọ́ wa ní ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ láti inú omi, ó fẹ́ bọ́ síta sínú afẹ́fẹ́, igun tó fi kọlu ojú omi jẹ́ 50 dígírì, ká wá igun tó máa fi jáde. Mo tẹ̀ ẹ́, ó kọ Math ERROR. Mo tún un tẹ̀, Math ERROR. Mo yá ti ẹni tó jókòó tì mí, ohun kan náà ló kọ. Mo wá fi ààyè ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, mo ní ó ní láti jẹ́ pé olùkọ́ ló kọ ìbéèrè náà ṣì, a sì kọjá lọ sí orí mìíràn.

ERROR yẹn gan-an ni ìdáhùn o. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ò ní jáde ni, kò sí igun kankan tó máa fi jáde. Ìgbà tí mo wá di ẹni tó ń gun àkàbà kiri Ìbàdàn, tí mò ń fa fáíbà, okùn gíláàsì tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ ilé àwọn èèyàn, ni mo tó mọ̀ pé orí ERROR yẹn ni gbogbo iṣẹ́ tí mò ń jẹun níbẹ̀ dúró lé. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ bó ṣe yẹ kí wọ́n ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìdí tí ìmọ́lẹ̀ fi ń tẹ̀ rárá. Nínú afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń sáré tó 300,000 kìlómítà láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Tó bá wọ inú omi, ìyẹn á wálẹ̀ sí bíi 225,000. Nínú gíláàsì tí wọ́n fi ń ṣe fáíbà, ó fi díẹ̀ ju 200,000 lọ. Iye ìgbà tí eré ẹ̀ fi dín kù yẹn ni wọ́n ń pè ní rìfráktífù ìndẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n máa ń kọ bíi n. Ti afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1 gééré, ti omi jẹ́ 1.33, ti gíláàsì fèrèsé wà níbi 1.52. Tí n bá ti ga, ìmọ́lẹ̀ ń fàsẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló wá kan títẹ̀? Ẹ rántí àwọn ọmọ iléèwé tó ń yan ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ìlà gbọọrọ kan tí gbogbo wọn so ọwọ́ pọ̀. Ká ní orí kọńkéré ni wọ́n ti ń yan bọ̀, tí wọ́n wá fẹ́ wọ orí iyanrìn, ṣùgbọ́n tí wọn ò kọjú sí iyanrìn náà tààràtà, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n gbà. Ọmọ tó wà ní ìparí apá ọ̀tún ló máa kọ́kọ́ tẹ iyanrìn, ẹsẹ̀ ẹ̀ á rì, á máa falẹ̀, àwọn tó wà lápá òsì ṣì ń já lọ lórí kọńkéré. Kí gbogbo wọn tó dé orí iyanrìn tán, ìlà náà á ti yí, wọ́n á ti dojú kọ ibòmíràn díẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n yí. Eré tí kò dọ́gba ló yí wọn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ àti omi ti pàdé nìyẹn, òun ni wọ́n ń pè ní rìfráṣọ̀n. Tí wọ́n bá sì kọjú sí iyanrìn náà tààràtà, gbogbo wọn á jọ falẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni, kò ní sí yíyí kankan.

Ohun kan wà tó máa ń ru èèyàn lójú níbí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Wọn kì í wọn igun yẹn látorí omi tàbí látorí gíláàsì. Tí ẹ bá na báírò kan ró ṣánṣán lórí tábìlì, báírò yẹn ni ìlà òòró, ibi tó wà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wá tààràtà látòkè, igun ẹ̀ jẹ́ 0 dígírì, èyí tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rá pálá lórí tábìlì, ó ti sún mọ́ 90. Ọ̀pọ̀ ló máa ń yí i sódì, tí gbogbo ìṣirò wọn á sì dojú rú láti ibẹ̀ lọ.

Òfin tó sọ bí yóò ṣe tẹ̀ tó ni òfin Snell, ó sì kúrú:

`n1 × sin(θ1) = n2 × sin(θ2)`

Apá òsì jẹ́ ti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, apá ọ̀tún jẹ́ ti ibi tó ń lọ, θ sì ni igun tí a wọ̀n látara ìlà òòró. (Snellius tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pè é rí òfin náà ní Leiden ní 1621, ó kú láì tẹ̀ ẹ́ síta, Descartes ló gbé e jáde nínú ìwé ní 1637, bẹ́ẹ̀ Ibn Sahl ti lò ó ní Baghdad láti nǹkan bí ọdún 984. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni nǹkan àti ẹni tí wọ́n ń pè mọ́ ọn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ jàre.)

Ẹ wá mú kakulétọ̀, ká ṣe é láti inú omi bọ́ sí afẹ́fẹ́. Tí ìmọ́lẹ̀ bá fi 30 dígírì kọlu ojú omi láti ìsàlẹ̀, sin ti 30 jẹ́ 0.5, ẹ fi 1.33 sọ ọ́ di púpọ̀, 0.665 nìyẹn, kakulétọ̀ á sọ pé igun tó jáde jẹ́ nǹkan bí 41.7. Ó ti ṣí kúrò lára ìlà òòró díẹ̀. (Ìdí nìyẹn tí apẹja tó ń fi ọ̀kọ̀ gún ẹja kì í fojú sun ibi tó ti rí i, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ló ń gún, torí ẹja jìn ju bí ojú ṣe rí i lọ.) Ẹ gbé e sí 45 dígírì: 0.707 lọ́nà 1.33 jẹ́ 0.94, ó jáde ní 70. Ẹ wò ó dáadáa, inú omi la ti fi 15 dígírì kún un, ìta ti fi nǹkan bí 28 kún tiẹ̀. Ó ń sáré lọ síbi 90, ìyẹn ni pé ó fẹ́ máa rá pálá lórí omi. Tí a bá dé nǹkan bí 48.8 dígírì, ìdáhùn di 1, igun ìta di 90 gééré. Ó tán nìyẹn, kò sí ibi tó tún lè ṣí lọ.

Ká wá ṣe 50, èyí tí olùkọ́ mi béèrè. 0.766 lọ́nà 1.33 jẹ́ 1.019. Kò sí igun kankan láyé tí sin ẹ̀ ju 1 lọ, ìyẹn ni kakulétọ̀ ṣe figbe ta. Níbi tí kakulétọ̀ ti figbe ta yẹn, ìmọ́lẹ̀ náà ò rọ́nà, gbogbo ẹ̀ pátá ló ń padà sínú omi bí ẹni pé dígí ló kọlù. Nọ́ńbà 48.8 yẹn ni igun ààlà, èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní kírítíkà áńgù, ìpadàsẹ́yìn pátápátá yẹn ni tótà ìńtánà rìfúlẹ́ṣọ̀n. Nǹkan méjì ló ń fẹ́, kò ju méjì lọ: kí ìmọ́lẹ̀ máa bọ̀ láti ibi tó ti ń fàsẹ̀ lọ síbi tó ti lè sáré, kí igun ẹ̀ sì ju igun ààlà lọ. Láti afẹ́fẹ́ wọ omi, kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nìyí: igun ààlà kì í ṣe ti gíláàsì nìkan tàbí ti omi nìkan, ti àwọn méjì tó fara kan ara ni. Tí ohun tó wà níta bá yí padà, igun ààlà náà yí padà.

Ẹ lè rí i nílé báyìí. Ẹ bu omi kún ife gíláàsì tí kò ní àwòrán lára, ẹ gbé e sókè díẹ̀, kí ẹ máa wo ara ẹ̀ láti inú, látojú omi lókè, kí ojú yín dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Ara ife náà á máa dán bíi fàdákà, ẹ ò ní rí ìka yín tó dì í mú níta. Ẹ wá fi omi pa àtàǹpàkò yín, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ife náà dáadáa. Àwọn ìlà ìka yín nìkan ló máa yọ, kedere, bí ẹni pé wọ́n fi tàdáwà tẹ̀ wọ́n síbẹ̀. Ibi tí ìlà ìka ti fara kan gíláàsì, afẹ́fẹ́ ti kúrò níbẹ̀, omi àti awọ ara ló wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rọ́nà jáde. Kòtò tó wà láàárín ìlà kan sí èkejì, afẹ́fẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì ń dán.

Ẹ ti rí ẹ̀rọ tó ń ṣe é. Ẹ rántí ìgbà tẹ́ ẹ lọ ṣe NIN, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi ìka mẹ́rin lé orí gíláàsì kékeré kan tó ń tan iná? Lábẹ́ gíláàsì yẹn nínú púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn, pírísìmù ló wà níbẹ̀, gíláàsì onígun mẹ́ta. Láti inú gíláàsì 1.52 sí afẹ́fẹ́, igun ààlà jẹ́ 41 dígírì. Tí wọ́n bá gé pírísìmù náà kí iná máa kọlu ojú ẹ̀ ní 45, 45 ju 41 lọ, gbogbo iná padà, kámẹ́rà tó wà lódìkejì á rí ojú funfun balau. Ẹ gbé ìka lé e, òógùn àti awọ ara gba ipò afẹ́fẹ́. Ká tiẹ̀ ní omi lásán ló wà lára ìka, igun ààlà gíláàsì sí omi fò lọ sí 61. 45 ò tó 61, iná sá jáde níbi ìlà ìka, ibẹ̀ dúdú lójú kámẹ́rà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá àgbà tí ọwọ́ wọn ti gbẹ nítorí iṣẹ́ máa ń pẹ́ níbẹ̀, tí òṣìṣẹ́ á ní kí wọ́n fi ọwọ́ ra iwájú orí tàbí kí wọ́n fi ìpara pa á. Ìka gbígbẹ ò fara kan gíláàsì dáadáa, afẹ́fẹ́ kù sábẹ́ ìlà ìka, ẹ̀rọ ò sì rí ìyàtọ̀ láàárín ìlà àti kòtò.

Pírísìmù irú ẹ̀ náà ló wà nínú awò tí àwọn èèyàn fi ń wo ọ̀ọ́kán, ibẹ̀ ló ti ń yí ìmọ́lẹ̀ padà kí àwòrán má bàa dorí kodò. Ẹnì kan lè ní kí ló dé tí wọn ò kúkú lo dígí. Dígí dáa, ṣùgbọ́n dígí ń jẹ díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ nígbàkígbà tó bá kọlù ú. Ká ní ó ń dá ìdá 98 padà nínú ọgọ́rùn-ún, tí ìmọ́lẹ̀ bá kọlu irú dígí bẹ́ẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí ìdá 13 péré ló máa kù. Ìpadàsẹ́yìn pátápátá ò jẹ nǹkan kan níbi ìkọlù, ẹgbẹ̀rún ìgbà, mílíọ̀nù ìgbà.

Fáíbà wá ńkọ́? Ó jẹ́ okùn gíláàsì tí wọ́n fà tín-ín-rín, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ẹ̀ lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé gíláàsì méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú èkejì. Èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún ni kọ́ọ̀, nínú irú èyí tí a ń fà wọlé, fífẹ̀ ẹ̀ ò ju nǹkan bí 9 nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan lọ. Èyí tó yí i ká ni kíládíìnì, àpapọ̀ wọn jẹ́ 125 nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà, ó ju irun orí lọ díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Kí ló dé tí wọ́n fi wọ aṣọ gíláàsì fún gíláàsì? Ẹ padà sí ìka yín lára ife yẹn. Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló yí kọ́ọ̀ ká, ibikíbi tí eruku, omi tàbí ọwọ́ bá ti kàn án ni ìmọ́lẹ̀ á ti máa jò. Ohun tó pa àwọn fáíbà àkọ́kọ́ lára nìyẹn, títí Abraham van Heel ní Delft fi kọ̀wé ní 1954 pé kí wọ́n fi ohun mìíràn bò ó, kí ìmọ́lẹ̀ máa padà nínú lọ́hùn-ún níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò lè dé.

Ṣùgbọ́n ìyẹn náà ní ohun tó gbà. Ká ní n ti kọ́ọ̀ jẹ́ 1.468, ti kíládíìnì 1.463. Ìyàtọ̀ wọn ò tó nǹkan. Ẹ pín 1.463 sí 1.468, ẹ bi kakulétọ̀ ní igun ẹ̀, igun ààlà jẹ́ nǹkan bí 85.3 dígírì! Ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ gọọrọ láàárín kọ́ọ̀ náà, tó bá yà ju bíi dígírì márùn-ún lọ, ó ti bọ́ sínú kíládíìnì nìyẹn, ó lọ. Gbogbo ààyè tí a ní ò ju dígírì márùn-ún lọ.

Nígbà tí wọ́n ti rí ìyẹn ṣe, gíláàsì fúnra ẹ̀ ló kù tó ń jẹ ìmọ́lẹ̀. Charles Kao àti George Hockham ló sọ ní 1966, ní England, pé ìdọ̀tí inú gíláàsì ló fà á, pé tí wọ́n bá fọ gíláàsì mọ́, ìmọ́lẹ̀ á lè lọ jìnnà. Kao gba Nobel lórí ẹ̀ ní 2009. Gíláàsì òní mọ́ débi pé ó tó nǹkan bí kìlómítà 15 kí ìmọ́lẹ̀ tó dín sí ìdajì. Irú ẹ̀ ló wà nínú kébù Equiano tó gbéra láti Portugal, gba abẹ́ òkun, tó gúnlẹ̀ ní Lomé àti Èkó ní 2022, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ ta ìmọ́lẹ̀ náà jí lójú ọ̀nà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ títẹ̀ fáíbà fúnra ẹ̀, ibẹ̀ ni owó iṣẹ́ mi ti ń wá. Màmá kan ní Bódìjà pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ọmọ mi, láti àná ni a ò ti rí nẹ́ẹ̀tì o. Iná pupa kan ló ń ṣẹ́jú lára ẹ̀."

"Ẹ kú àárọ̀ mà. Kí ni wọ́n kọ sábẹ́ iná náà?"

"L, O, S."

LOS ni pé ráútà ò rí ìmọ́lẹ̀ tó tó. Mo débẹ̀, mo fi mítà wọn ibi àpótí tó wà lára ògiri, ó kọ −20.1 dBm, ó dáa. Mo wọn ìparí wáyà tó wọ ráútà, −28.3. Nọ́ńbà yẹn, bó bá ti fi 3 wálẹ̀ báyìí, ìmọ́lẹ̀ ti dín sí ìdajì. Ó fi bíi 8 wálẹ̀ nínú wáyà tí gígùn ẹ̀ ò ju mítà 12 lọ, bẹ́ẹ̀ ráútà yẹn ò gbọ́dọ̀ rí ohun tó kéré sí −27. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kìlómítà 15 ló yẹ kó jẹ 3.

Ó lè jẹ́ pé ẹnu ẹ̀ dọ̀tí, ó lè jẹ́ pé ó tẹ̀ níbì kan. Bí mo ṣe ń mọ̀ nìyí: mo fi àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ méjì dán an wò, èyí tí gígùn ìgbì ẹ̀ jẹ́ 1310 nánómítà àti èyí tó jẹ́ 1550. Ìdọ̀tí máa ń jẹ méjèèjì ní ìwọ̀n tó súnmọ́ra. Ti ọjọ́ yẹn, 1310 pàdánù 2, 1550 pàdánù 11. Ó tẹ̀ ni, kò sí àní-àní.

Kí ló dé tí 1550 fi ń jìyà jù? Ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó ń yan. Nínú kọ́ọ̀ tó kéré báyìí, àwòrán pé ìmọ́lẹ̀ ń ta lu ògiri bíi bọ́ọ̀lù ò pé mọ́, ó fẹ̀ ju ògiri lọ, etí ẹ̀ ń gbá kíládíìnì bí ó ṣe ń lọ. Tí ìlà àwọn ọmọ yẹn bá fẹ́ yí igun pápá, ẹni tó wà nínú lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ṣùgbọ́n ẹni tó wà níta pátápátá gbọ́dọ̀ sáré kí ìlà má bàa já. Bí igun náà bá ṣe ká tó, ni eré ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Etí ìmọ́lẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, ó máa débì kan tó jẹ́ pé kó tó lè bá àwọn yòókù dọ́gba, ó gbọ́dọ̀ sáré ju bí ìmọ́lẹ̀ ṣe lè sáré nínú kíládíìnì lọ. Kò ṣeé ṣe, ó já sílẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ 1550 sì fẹ̀ sóde ju 1310 lọ, òun ló ní ọmọ púpọ̀ létí ìta.

Mo ki péènì oníná pupa bọ ẹnu wáyà náà, mo ní kí wọ́n pa iná yàrá. (Ẹ má fojú wo ẹnu fáíbà tó ń ṣiṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́, ojú ò lè rí ìmọ́lẹ̀ yẹn ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.) A tẹ̀lé wáyà ofeefee náà dé ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ibẹ̀ la ti rí i tó ń pọ́n wẹ́lẹ́ bí ẹ̀yinná, lára ìṣó kan. Àwọn ọmọ ti ti kọ́bọ́ọ̀dù náà mọ́ ògiri láti gbálẹ̀, ó tẹ wáyà mọ́ ìṣó, ibi tó ká dé ò fẹ̀ ju ìdérí báírò lọ. Irú wáyà àtijọ́ yẹn ò fẹ́ kó ká ju ẹnu ife tíì lọ, bíi sẹ̀ǹtímítà 6 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Àwọn tuntun kan ń fara da kíká tó kéré sí ìyẹn gan-an, ti màmá yìí kì í ṣe ara wọn.

Mo tú u kúrò, mo ká a fẹ̀ bí ẹnu ife, mo tún un wọ̀n: −20.3. Mo dúpẹ́ pé ó padà, torí nígbà míì gíláàsì inú ẹ̀ á ti sán, nọ́ńbà ò ní gòkè, a sì máa gé ibẹ̀ jọ ni. Iná pupa yẹn kú, ti tútù tàn.

"Ṣé pé títẹ̀ lásán ló fà á?"

"Títẹ̀ lásán ni mà."

Wọ́n wo ìṣó yẹn títí, wọ́n wá pe ọmọ wọn ọkùnrin kó mú òòlù wá fa á yọ. A jọ ti kọ́bọ́ọ̀dù náà kúrò lára ògiri ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan, wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni tó bá tún tì í padà, òun ló máa san owó iṣẹ́ mi.